Òǹkà Méjì Péré: Bí Iná Oríta Ṣe Ń Mọ Ẹni Tó Kàn

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1914, iná mànàmáná tó ń darí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oríta kan ní òpópónà Euclid, nílùú Cleveland ní Amẹ́ríkà. Pupa àti àwọ̀ ewé nìkan ló ní; kò sí yẹ́lò níbẹ̀. Ọlọ́pàá kan ló wà nínú àgọ́ kékeré lẹ́bàá títì tó ń fọwọ́ yí i. James Hoge, ẹni tó ṣètò iná náà, ti so wáyà rẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé bí ọlọ́pàá bá tilẹ̀ ṣi ọwọ́ mú, ọ̀nà méjèèjì kò lè rí àṣẹ àtikọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọlọ́pàá ti jáde nínú àgọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí Hoge fi wáyà ṣe yẹn ṣì ni ẹni tó ń ṣètò iná oríta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rò. Ibi tó ń fi í sí ló yí padà: inú òǹkà ló wà báyìí.

Ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá náà ni a lè pè ní ẹ̀rọ onípò-níye. Àwọn ipò tó lè wà níye, ọ̀kan ṣoṣo ló sì ń wà nínú rẹ̀ nígbà kan. Nǹkan méjì ló ń pinnu ibi tó ń lọ: ipò tó wà lọ́wọ́lọ́wọ́, àti ìròyìn tó ń wọlé sí i láti ìta. Bí ohun tó ń gbé jáde bá jẹ́ ti ipò rẹ̀ nìkan, a jẹ́ pé irú ti Edward Moore ni, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde lọ́dún 1956. Irú yìí ló bá iná oríta mu jù, torí kò yẹ kí mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lọ́ọ̀ọ́kán yí àwọ̀ iná padà lójijì. Ipò ní láti yí ná, kí àwọ̀ tó yí.

Ká mú oríta kan tí títì ńlá ti pàdé ọ̀nà àdúgbò. Ọkọ̀ pọ̀ lórí títì ńlá, nítorí náà òun ni kó máa ní àṣẹ àtikọjá, àfi bí mọ́tò bá dúró lójú ọ̀nà àdúgbò. Ìròyìn méjì ni ẹ̀rọ náà nílò. A máa ń di 1 nígbà tí àkókò tí wọ́n yàn fún ipò kan bá pé, M sì máa ń di 1 nígbà tí mọ́tò bá wà lójú ọ̀nà àdúgbò. Wáyà tí wọ́n ká róbótó sábẹ́ ọ̀dà títì ló sábà máa ń mú ìròyìn M wá. Irin ara ọkọ̀ ló ń mọ̀ lára.

Ipò mẹ́rin tó fún iṣẹ́ yìí. Fílípùfílọ́ọ̀pù méjì, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó lè rántí 0 tàbí 1, ló ń pa ipò náà mọ́. Q1 àti Q0 ni orúkọ wọn nínú àtẹ yìí:

```
Ipò  Q1 Q0  Títì ńlá  Àdúgbò  Ipò tó kàn
1    0  0   ewé       pupa    2 bí A=1 àti M=1
2    0  1   yẹ́lò      pupa    3 bí A=1
3    1  1   pupa      ewé     4 bí A=1
4    1  0   pupa      yẹ́lò    1 bí A=1
(Bí ohun tí ìlà kan ń retí kò bá tíì pé, ipò kò yí.)
```

Ẹni tó bá mọ òǹkà eléjì-eléjì yóò béèrè pé kí ló dé tí 11 fi ṣáájú 10. Ká ní 00, 01, 10, 11 ni wọ́n tò ó, òǹkà méjèèjì ni ì bá yí nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ti 01 bọ́ sí 10. Fílípùfílọ́ọ̀pù méjì kì í sì yí pọ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà gan-an. Ọ̀kan á fi ìdínkù bíńtín ṣáájú èkejì, ẹ̀rọ á sì gba 00 tàbí 11 kọjá. Ojú ènìyàn kò lè rí i lára gílóòbù, ṣùgbọ́n ẹ̀yà mìíràn tó ń wo òǹkà náà lè rí i kó sì ṣìṣe. Nínú ètò orí àtẹ yìí, òǹkà kan ṣoṣo ló ń yí lẹ́ẹ̀kan.

Èrè kejì tóbi ju ìyẹn lọ. Ẹ wo òpó Q1 dáadáa: níbi tó bá ti jẹ́ 1, pupa ni títì ńlá, níbi tó bá ti jẹ́ 0, pupa ni àdúgbò. Q1 fúnra rẹ̀ ni iná pupa títì ńlá, òdìkejì rẹ̀ sì ni ti àdúgbò. Òǹkà kan kò lè jẹ́ 0 kó tún jẹ́ 1, nítorí náà ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ wà lórí pupa nígbà gbogbo. Bí Hoge ṣe dènà àṣìṣe ọlọ́pàá nìyẹn, láìsí wáyà àrà ọ̀tọ̀ kankan.

Ó wá ku bí ẹ̀rọ á ṣe ṣírò ipò tó kàn. Bí àkókò kò bá tíì pé, òǹkà méjèèjì á dúró bí wọ́n ṣe wà. Bí ó bá pé, ẹ ka àtẹ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀: Q1 tuntun máa ń jẹ́ ohun tí Q0 jẹ́ tẹ́lẹ̀. Q0 tuntun ní tirẹ̀ máa ń di 0 nínú ipò 3 àti 4, á dúró ní 1 nínú ipò 2, ṣùgbọ́n nínú ipò 1, M ló ń pinnu. Nínú ìlà wọ̀nyí, `&` dúró fún «àti», `|` fún «tàbí», `~` sì fún òdì:

```
D1 = (~A & Q1) | (A & Q0)
D0 = (~A & Q0) | (A & ~Q1 & (Q0 | M))
```

D1 àti D0 ni iye tí Q1 àti Q0 máa gbà nígbà tí aago inú ẹ̀rọ bá tún ta.

Ká dán an wò ní aago méjì òru. Títì ńlá wà lórí ewé, 00. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá tí wọ́n fún un ti pé, A ti di 1, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ ní àdúgbò. D1 jẹ́ 0, D0 jẹ́ 0. Ẹ̀rọ kò kúrò lójú kan, bó tilẹ̀ di wákàtí kan. Takisí kan wá dé láti àdúgbò, M di 1, D0 di 1: yẹ́lò tàn lórí títì ńlá. Òǹkà àkókò tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, A padà di 0. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, 01 di 11, takisí kọjá.

Gbólóhùn kékeré yẹn, pé òǹkà àkókò tún bẹ̀rẹ̀, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbàgbé. Bí A bá dúró lórí 1, tí M náà sì jẹ́ 1, ẹ̀rọ á máa yí ipò ní gbogbo ìgbà tí aago bá ta, àwọn iná á sì máa lé ara wọn kiri. Ẹni tó bá rí èyí lórí tábìlì ìdánwò kò gbọ́dọ̀ lọ tú D1 àti D0 palẹ̀. Òǹkà àkókò ni kó yẹ̀ wò. Bí àdúgbò kò bá rí ewé rárá, tí títì ńlá kò sì kúrò lórí ewé, wáyà abẹ́ títì ló ṣeé ṣe kó ti já. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣètò pé bí wáyà náà bá bàjẹ́, kí M di 1, kí àdúgbò lè máa rí àyè tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ipò mẹ́rin yìí ní àléébù kan tí kò kéré. Bí yẹ́lò ọ̀nà kan ṣe ń kú ni ewé èkejì ń tàn, ọkọ̀ tó wọ oríta gbẹ̀yìn lè má tíì jáde. Lójú títì gidi, wọ́n máa ń fi ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì sí i tí ọ̀nà méjèèjì á fi wà lórí pupa. Ìyẹn sọ ipò di mẹ́fà, òǹkà di mẹ́ta, òǹkà mẹ́ta sì lè ṣe oríṣi mẹ́jọ. Oríṣi méjì tó ṣẹ́ kù kò ní iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ wà nínú àtẹ, nítorí iná tó ṣẹ́jú lójijì lè gbé ẹ̀rọ jù sínú ọ̀kan nínú wọn, bí kò bá sì rí ọ̀nà jáde, ibẹ̀ ló máa há sí. Pupa méjèèjì ni kí wọ́n darí wọn sí. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ bí iná bá lọ tó sì padà dé.

Àtẹ kò sì lè dáàbò bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wáyà méjì bá kan ara wọn nínú àpótí ẹ̀bá títì, gílóòbù ewé méjì lè tàn pọ̀ nígbà tí Q1 ṣì wà lójú ọ̀nà tó tọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yà mìíràn sínú àpótí náà, èyí tí kò bá Q1 tàbí Q0 ṣe nǹkan kan: iná tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn gílóòbù gan-an ló ń ṣọ́, bó bá sì rí ewé méjì tó tako ara wọn, á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà, á sì mú kí iná pupa máa ṣẹ́jú fún gbogbo ọ̀nà títí òṣìṣẹ́ fi máa dé.