Ọ̀rọ̀ kíkọ fún ẹni tí yóò sọ ọ́ ní èdè kejì

Ọ̀rọ̀ kíkọ fún ẹni tí yóò sọ ọ́ ní èdè kejì jẹ́ iṣẹ́ akọ̀wé tí ń pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti kà níwájú àwùjọ, ní èdè tí kì í ṣe èdè àbínibí ẹni náà. Ohun méjì ni akọ̀wé bẹ́ẹ̀ ń ṣọ́: kí gbólóhùn kúrú, kí ọ̀rọ̀ sì rọrùn láti pè. Ẹnu olùsọ̀rọ̀ ni a fi ń mọ ọ̀rọ̀ tó rọrùn, kì í ṣe ẹnu akọ̀wé. Gb kì í yọ ọmọ Ígbò lẹ́nu, nítorí ó wà nínú èdè tirẹ̀. Fáwẹ́lì àránmúpè kò ṣàjèjì sí ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó dàgbà sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kò bá èyíkéyìí nínú méjèèjì nílé, òun náà sì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín, bí ó bá fẹ́ bá àwùjọ sọ Yorùbá.

Ìró àti ohùn

Elédè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń pe gb bíi b lásán, tàbí kí ó ya á sí méjì. Ó tún máa ń pe p ti Yorùbá bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n èyí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, nítorí Yorùbá kò ní irú p bẹ́ẹ̀ tí a lè ṣì í mú fún.

Ohùn ló léwu jù. Bí olùsọ̀rọ̀ bá fẹ́ sọ pé "Mo dúpẹ́ fún iṣẹ́ yín", tí ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ìṣẹ́ ni àwùjọ gbọ́: ó ti dúpẹ́ fún òṣì wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o" kò ní ewu yìí. Odindi ìkíni ni etí ń gbọ́ nínú rẹ̀, ohùn tó ṣì kì í sì í tètè yí i padà. "O" ìparí rẹ̀ wúlò pẹ̀lú. Elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń já ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní òpin gbólóhùn láìmọ̀, nítorí náà kò dára kí ọ̀rọ̀ olóhùn òkè wà níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn tí a kọ fún àlejò kan níbi ìṣílé ìkàwé: "Ó jẹ́ ìdùnnú ńlá fún mi láti wà láàárín ẹ̀yin gbajúmọ̀ tí ẹ péjọ síbí lónìí láti ṣí ilé ìkàwé tí àwọn ọmọ ìlú yìí fi owó àti agbára wọn kọ́ fún àǹfààní àwọn ọmọ wa."

Ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógójì ni, kò sì sí ibi ìsinmi kan. Gb wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì. "Kọ́" tún wà níbẹ̀, tí ó lè di "kọ̀" bí ohùn bá já. A lè tún un kọ báyìí, gbólóhùn kan lórí ìlà kan:

Ẹ kú iṣẹ́ o.
Inú mi dùn.
Mo ti rí ilé ìkàwé náà.
Ó dára.
Tiyín ni.
Àwọn ọmọ yín á kàwé níbẹ̀.
Ẹ ṣé o.

Gbólóhùn tó gùn jù kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ. Gb àti p ti kúrò, kò sì sí gbólóhùn tó parí sórí ohùn òkè. "Kàwé" ni a kọ, kì í ṣe "ka ìwé", nítorí ohun tó bá rí lójú ìwé ni àlejò yóò pè, kò mọ ìpajẹ. Owó àti agbára àwọn ará ìlú ti bọ́ sọ́nù ṣá. Bí ó bá ṣe pàtàkì, kí ẹlòmíràn sọ ọ́. Fáwẹ́lì àránmúpè inú "dùn" àti "yín" kò ṣeé sá fún. Kí a sọ fún un pé ahọ́n kò gbọdọ̀ kan òkè ẹnu nígbà tó bá ń parí wọn.

Káàdì olùsọ̀rọ̀

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 1963, John F. Kennedy, Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bá àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Bẹ̀rlínì sọ̀rọ̀ ní Schöneberg. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ èyí tó pọ̀ jù. Gbólóhùn Jámánì rẹ̀ kò tó nǹkan. Lórí káàdì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, "Ish bin ein Bearleener" ló wà dípò "Ich bin ein Berliner". Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìró "ch" yẹn, nítorí náà ó fi èyí tó sún mọ́ ọn jù rọ́pò rẹ̀, ó sì tó fún àwùjọ.

Lẹ́tà nìkan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá, nítorí kò lè gbé ohùn. Dò re mí ni kí a kọ sábẹ́ sílébù kọ̀ọ̀kan: "Inú mi dùn" di re mí re dò, "Ẹ kú iṣẹ́ o" di re mí re mí re. Kí olùsọ̀rọ̀ kọ́kọ́ hùn ún láìsí ọ̀rọ̀, kí ó tó fi ọ̀rọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ó ka gbogbo rẹ̀ sí etí akọ̀wé. Ibi tó bá ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni kí akọ̀wé pààrọ̀.