Kí Ló Dé Tí Orin Fi Ń Kúrú Sí I?

Ìbéèrè ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí: kí ló dé tí orin ayé ìsinsìnyí kì í pẹ́ tó fi ń tán? Àwọn àgbà ilé wa ní ọ̀lẹ ló ń ṣe àwọn olórin, pé wọn ò lè kọ orin gígùn mọ́. Àwa ọ̀dọ́ náà á ní orin àtijọ́ ti gùn jù, pé oorun ló ń fi kunni. Mo wádìí ọ̀rọ̀ yìí fún iṣẹ́ tí wọ́n fún wa nínú ẹ̀kọ́ orin, mo sì rí i pé kò sí ẹni tó jàre tán nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí wọ́n fi ń gbé orin dé ọ̀dọ̀ wa, àti bí owó ṣe ń tinú rẹ̀ jáde, ló ń sọ bí orin ṣe máa gùn tó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Túndé King ń kọ orin jùjú sínú àwo l'Ékòó, àwo tó wà nígbà náà kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ ní ojú kan. Bí orin kò bá tíì parí, àwo á tán. Nítorí náà, orin kúkúrú kì í ṣe nǹkan tuntun rárá, àwọn bàbá-bàbá wa ti gbọ́ ọ. Nígbà tí àwo ńlá dé, ojú kan rẹ̀ lè gbà ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ibẹ̀ ni Ebenezer Obey àti Sunny Adé ti rí àyè láti so orin pọ̀ mọ́ orin títí ojú àwo kan á fi kún, láìsí ìdádúró. Fẹlá náà lo àyè yẹn dáadáa, ẹni tó ń ṣeré ní Shrine rẹ̀ ní Ìdí-Orò, ní Mushin níbí.

Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì ni sídíì dé, èyí tó lè gba ìṣẹ́jú 74 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Wizkid, ọmọ Ojúẹlẹ́gba, gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Superstar, jáde ní ọdún 2011, orin 17 ló wà nínú rẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà yẹn. Ẹni tó ra sídíì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń sanwó, ó sì fẹ́ kí owó òun tó nǹkan. Bó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, bó gbọ́ ọ nígbà ọgọ́rùn-ún, iye kan náà ló wọ àpò olórin.

Ibi tí sítírímù ti yí nǹkan padà gan-an nìyí. Boomplay dé ní ọdún 2015, Spotify sì wọ Nàìjíríà ní ọdún 2021. Lórí irú ápù báyìí, a kì í ra orin mọ́, gbígbọ́ ni wọ́n ń kà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iye kan pàtó wà tí wọ́n ń san fún pléè kọ̀ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí Spotify, wọ́n á kó owó tí àwọn tó ń san oṣooṣù san pọ̀ mọ́ owó ìpolówó. Nǹkan bí ìdá 2 nínú 3 rẹ̀ ni wọ́n á yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ni orin. Wọ́n á wá pín in gẹ́gẹ́ bí pléè tí orin kọ̀ọ̀kan ní ṣe pọ̀ tó láàárín gbogbo pléè oṣù náà. Kí wọ́n tó ka pléè kan, ẹni tó ń gbọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ orin náà dé ìṣẹ́jú àáyá 30. Tó bá ti dé ibẹ̀, ó ti di pléè kan. Ìbáà ṣe orin ìṣẹ́jú 2, ìbáà ṣe orin ìṣẹ́jú 20, pléè kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká fi àwo méjì wé ara wọn kó lè yé wa dáadáa. Zombie tí Fẹlá gbé jáde ní ọdún 1976, orin 2 péré ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 sí 13. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Mr. Money With The Vibe tí Àṣàkẹ́ gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ ò rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà? Àmọ́ orin 12 ni Àṣàkẹ́ pín tirẹ̀ sí. Ẹni tó bá gbọ́ àwo Fẹlá tán lórí ápù, pléè 2 ló ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ ti Àṣàkẹ́ tán, pléè 12.

Ọ̀rọ̀ náà tún kan ipò tí àwo máa gbà. Nígbà tí Billboard ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ka sítírímù mọ́ àwo tí wọ́n tà, ní ìparí ọdún 2014, pléè 1,500 ni wọ́n kà sí àwo kan. Tí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn àwo méjèèjì, èèyàn 125 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́ àwo olórin 12 lẹ́ẹ̀kan ti tó. Fún àwo olórin 2, èèyàn 750 la máa nílò. Àkókò tí àwọn èèyàn fi gbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, èrè rẹ̀ ló yàtọ̀. Ṣé ọ̀lẹ lẹ máa pe ẹni tó mọ ìṣirò yìí?

Ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn náà ló fà á tí ìbẹ̀rẹ̀ orin fi yí padà. Nínú Zombie, gìtá, ìlù àti fèrè á ti ṣeré fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí Fẹlá tó lanu rárá. Ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ ìgbọ́rin ní pálọ̀ kò ní dìde lọ gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo nítorí ìyẹn. Àmọ́ lórí fóònù, ìka kan ló ń síkíìpù orin. Tí ẹnì kan bá síkíìpù ní ìṣẹ́jú àáyá 20, olórin ò rí pléè kankan gbà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ orin ìsinsìnyí fi ń gbé ohùn wá kíákíá, tí òmíràn tilẹ̀ ń fi ègbè bẹ̀rẹ̀.

Ètò inú àwo náà ti yí padà. Láyé sídíì, bí wọ́n bá ti tẹ àwo jáde, ó parí nìyẹn. Ní báyìí, àwo ṣì lè máa gùn sí i lẹ́yìn tó ti jáde. Made in Lagos ti Wizkid jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 pẹ̀lú orin 14. Nígbà tí Essence tó kọ pẹ̀lú Tems ń ràn káàkiri ayé, ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ó tún àwo náà gbé jáde, ó sì fi orin 4 kún un, títí kan Essence tí Justin Bieber bá wọn dá sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Essence dé ipò 9 lórí Billboard Hot 100. Àwo tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan tún di tuntun.

Ó wá ku àwa tí à ń gbọ́. Nínú kíláàsì wa, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé orin wo ló tẹ̀ lé orin tó fẹ́ràn jù nínú àwo, kò ní mọ̀. Orin ẹyọ-ẹyọ la ń gbọ́, tàbí pléélíìsì tí ẹlòmíràn tò. Dátà náà kò sì pọ̀ lọ́wọ́, a máa ń da orin tó wù wá sórí fóònù, a kì í da àwo odindi. Ó dun àwọn olórin kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Adele bẹ Spotify pé kí wọ́n má jẹ́ kí bọ́tìnnì tó ń da orin inú àwo pọ̀ jẹ́ èyí tó máa kọ́kọ́ wà lójú àwo, wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀. Olórin ló to orin rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó nídìí.

Àbúrò bàbá mi kan wà ní Mushin tó ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ fújì. Wọ́n gba eré tí wọ́n ṣe lóde ìnáwó sílẹ̀, wọ́n gbé e sórí ápù bó ṣe wà: orin kan, ìṣẹ́jú 40. Bí ẹnì kan bá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pléè kan ni. Mo ṣàlàyé ìṣirò yìí fún wọn, mo ní kí wọ́n gé e sí mẹ́wàá. Bọ̀dá mi ní, “Ibo lo fẹ́ kí n gé? Oríkì ẹni tó náwó ló wà níbí, ìlù ló sì dá a lóhùn.” Òótọ́ ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti apá kẹfà kò ní mọ ẹni tí wọ́n ń kì. Wọ́n padà gé e sí mẹ́rin, níbi tí ìlù ti yí padà. Ibi tí ó ṣeé gé nìkan ni wọ́n gé.

Ohun tí ó yẹ ká ṣọ́ra fún ni pé ká má di gbogbo ẹ̀bi ru sítírímù. Essence gùn ju ìṣẹ́jú 4 lọ, síbẹ̀ ó rìn jìnnà. Tẹ́ẹ bá sì gbọ́ àwo Àṣàkẹ́ yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìsíkíìpù, ẹ máa gbọ́ bí orin kan ṣe ń wọnú èkejì, gẹ́gẹ́ bí àwọn eléré jùjú ṣe máa ń so orin wọn pọ̀ ní ojú àwo kan. Orúkọ 12 ló wà lójú fóònù, àmọ́ eré kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá gbọ́ Zombie lé e, kẹ́ ẹ sì wo aago. Kí ẹ jẹ́ kí àgbà kan nílé yín bá yín gbọ́ méjèèjì.