Nígbà Tí Bọ́tà Bá Dákẹ́

Ọ́múlẹ́ẹ̀tì àwọn ará Faransé kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ lórí iná. Àwọ̀ ìyeyè ni, kò sí ojú ibi tó jóná lára rẹ̀, ó ká bí ẹní kékeré, inú rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ẹni tó ti jẹ ẹyin lọ́dọ̀ àwọn oní-tíì ẹ̀bá títì ní Ìbàdàn tàbí Èkó mọ irú mìíràn: òróró gbígbóná tó ń ta, ata àti àlùbọ́sà tí wọ́n pò mọ́ ẹyin nínú kọ́ọ̀bù, kí etí rẹ̀ pọ́n kí ó sì le díẹ̀. Oúnjẹ gidi ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọwọ́ tó fi ń dín tọ̀hún dín ti Faransé yóò rí nǹkan tó le bí awọ, tí omi sì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ nínú àwo.

Omi yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Ó wà nínú ẹyin, ó wà nínú bọ́tà, ó sì wà nínú olú tàbí tòmátò tí wọ́n fẹ́ fi sí i nínú.

Inú ẹyin ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìgbóná bá dé nǹkan bí 62 dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì, funfun ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Pupa rẹ̀ á tẹ̀lé e láàárín 65 sí 70. Tí wọ́n bá lu méjèèjì pọ̀, wọ́n á dì dáadáa ní nǹkan bí 73. Bí ẹyin ṣe ń dì, purotéènì inú rẹ̀ ń so mọ́ ara wọn bí àwọ̀n, omi sì há sínú àwọ̀n náà; òun ló ń jẹ́ kí ẹyin rọ̀. Bí iná bá wá pọ̀ jù, àwọ̀n náà á fún pọ̀, á sì fún omi dànù bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ. Ìdí nìyí tí ẹyin líle àti àwo olómi fi máa ń rìn pọ̀.

Iyọ̀ lè ran àwọ̀n yìí lọ́wọ́. Bí a bá ti fi iyọ̀ sí ẹyin tí a lù, tí a sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí ó tó dé orí iná, kì í fún omi jáde bíi ti èyí tí a kò fi iyọ̀ sí. Ojú lè rí i: àwọ̀ rẹ̀ á dúdú díẹ̀ sí i, á sì ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bu mílíìkì sí ẹyin kí ó lè rọ̀ ń fi omi kún omi ni.

Páànù wá ńkọ́? Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kí a wọ̀n, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Ẹyin mẹ́ta tí a ti fọ́ kò ju nǹkan bí 150 gírámù lọ. Nínú páànù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ẹyin náà á ga tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ìwọ̀n tó lè jẹ́ kí ìsàlẹ̀ dì nígbà tí òkè ṣì tutù. Bí a bá da ẹyin mẹ́ta kan náà sínú páànù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kò ní ga ju mílímítà méjì lọ. Yóò ti gbẹ tán kí ọwọ́ tó dé ibi tí wọ́n ti ń ká a.

Ẹ̀gbẹ́ páànù náà gbọ́dọ̀ rọra dagun sókè bíi ti abọ́, nítorí orí ibi tó dagun yẹn ni ẹyin ń yí gbà. Ìkòkò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán kò lè ṣe é. Páànù irin dúdú tí kò nípọn jù ni àwọn alásè Faransé ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n á fi òróró pa á, wọ́n á yá a lórí iná lọ́pọ̀ ìgbà títí inú rẹ̀ á fi dúdú tí á sì máa dán, ẹyin kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Àwọn kan kì í fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láéláé, wọn kì í sì í se ohunkóhun nínú rẹ̀ àfi ẹyin.

Ẹni tí kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, páànù tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́ wà fún un. Faransé náà ni èyí ti wá: ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Marc Grégoire ló rí ọgbọ́n bí wọ́n ṣe lè mú èròjà tí wọ́n ń pè ní Téfílọ́ọ̀nù dúró lára alumíníọ̀mù ní 1954, ilé iṣẹ́ Téfáàlì sì bẹ̀rẹ̀ ní 1956. Irú páànù yìí ni ó dára jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Kí ó ṣáà má gbé e sórí iná ńlá lófìfo, nítorí èròjà náà ń bàjẹ́ bí ìgbóná bá kọjá 260 dígírì, kí ó má sì fi irin họ ọ́ nínú.

Bọ́tà ni yóò wá sọ fún un bí páànù ṣe gbóná tó. Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ èyí láti ẹnu Julia Child. Lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ lórí oúnjẹ Faransé jáde ní 1961, wọ́n pè é sí ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n ní Bọ́sítìnì kí ó wá sọ̀rọ̀ nípa ìwé náà. Ó gbé sítóòfù iná mànàmáná kékeré kan dání, ó sì dín ọ́múlẹ́ẹ̀tì lójú gbogbo èèyàn. Lẹ́tà àwọn òǹwòran tó ń béèrè fún sí i wà lára ohun tó bí ètò tirẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Kì í ṣe aago ni ó ní kí wọ́n máa wò kí ẹyin tó wọ páànù. Ìfóófó bọ́tà ni.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nínú 100 gírámù bọ́tà, ọ̀rá jẹ́ nǹkan bí 80 sí 82, omi tó nǹkan bí 16, ìyókù sì jẹ́ èròjà wàrà. Bí bọ́tà bá yọ́, omi inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, á máa pariwo, á sì máa yọ ìfóófó funfun. Níwọ̀n ìgbà tí omi yẹn kò bá tíì tán, bọ́tà kò lè fi bẹ́ẹ̀ gbóná kọjá 100 dígírì. Bí ó bá ti fẹ́ tán, ariwo á rọlẹ̀, ìfóófó á sì máa wọlẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ohun tó ń dí ìgbóná lọ́wọ́ mọ́. Láìpẹ́, èròjà wàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ilé á sì máa ta sánsán bí ẹ̀pà yíyan.

Àárín ìgbà tí bọ́tà dákẹ́ àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ni ẹyin gbọ́dọ̀ wọlé. Àlàfo náà kò fẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ bí iná bá lágbára. Bí ẹyin bá wọlé nígbà tí ariwo ṣì pọ̀, á rọra tàn káàkiri láìdì, á sì fẹ́ lẹ̀ mọ́ páànù. Bí ó bá sì wọlé lẹ́yìn tí bọ́tà ti pọ́n, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dì lójijì, á le, á sì ní àmì pupa káàkiri. Ẹni tí kò bá dá ara rẹ̀ lójú lè kán ẹyin díẹ̀ sí i: bí ó bá dì pẹ̀lú ariwo jẹ́jẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, àsìkò ti tó.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ níbí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé wa ń pè ní bọ́tà, èyí tí a ń fi pa búrẹ́dì, majárínì ni. Òróró ewébẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, omi inú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sì ju ti bọ́tà wàrà lọ. Ó ṣeé dín ẹyin, àmọ́ kí ẹni tó ń lò ó má retí pé yóò pọ́n tàbí ta sánsán lásìkò kan náà. Ìkán ẹyin yẹn ni kí ó gbára lé.

Ibi tí ọwọ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ jù ni ohun tí wọ́n fi sí i nínú. Ká mú olú wò, olú funfun kékeré tí àwọn Faransé ń pè ní olú Paríìsì, nítorí pé inú ihò tí wọ́n ti wa òkúta lábẹ́ ìlú náà ni wọ́n ti ń gbìn ín nígbà kan rí. Nínú 100 gírámù rẹ̀, omi lé ní 90. Bí wọ́n bá kó o sínú ẹyin ní tútù, ìgbóná ẹyin á fa omi yẹn jáde, omi náà kò sì ní rí ibi lọ ju inú àwo. Bákan náà ni tòmátò àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.

Nítorí náà, fún ẹyin mẹ́ta, ẹni tó ń dáná á gé 60 gírámù olú wẹ́wẹ́, á dà á sínú páànù mìíràn pẹ̀lú bọ́tà díẹ̀, kò sì ní dé e. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú méjì, omi á bo ìsàlẹ̀ páànù. Kí ó má dà á nù, adùn wà nínú rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí ó gbẹ mọ́ ọn lára títí ariwo híhó á fi di ariwo dídín. Bí ó bá fi ṣíbí ti olú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí omi kankan kò ṣàn tẹ̀ lé e, ó ti jinná. Ohun tó ṣẹ́kù kò ní ju ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta lọ, ó sì tó. Tòmátò ní tirẹ̀, kí ó yọ kóró rẹ̀ kí ó tó dín in gbẹ. Tẹ̀tẹ̀, kí ó bọ̀ ọ́, kí ó sì fún un dáadáa. Èyíkéyìí tó bá lò gbọ́dọ̀ gbóná kí ẹyin tó dé orí iná, nítorí ìṣẹ́jú kan kò tó láti yá olú tó ti tutù.

Ó wá ku ẹyin. Kí ó fi gírámù 15 bọ́tà, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí ìjẹun kan, sínú páànù lórí iná tí kò pọ̀ tí kò kéré. Nígbà tí bọ́tà bá dákẹ́, kí ó da ẹyin sí i, kí ó fi ọwọ́ kan mi páànù, kí ó sì fi ṣíbí onígi máa rò ó kíákíá, bí ẹni ń ro ògì tí kò fẹ́ kí ó ní kókó. Láàárín nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú-àáyá, á rí i tí ẹyin di wẹ́wẹ́, tó rọ̀, tí omi ẹyin sì ṣì wà láàárín wọn. Kí ó dáwọ́ rírò dúró, kí ó tẹ́ ẹ káàkiri, kí ó jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ so pọ̀ díẹ̀. Òkè rẹ̀ á ṣì máa dán. Ojú á fẹ́ sọ fún un pé kò tíì jinná, àmọ́ kí ó gbé e kúrò lórí iná, nítorí ìgbóná tó wà nínú rẹ̀ yóò parí iṣẹ́ náà.

Kí ó to olú sí àárín, ní ìlà kan tó dábùú ọwọ́ páànù, kí ó dagun páànù, kí ó ká ẹyin láti ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bò ó, kí ó sì yí i sínú àwo kí ojú ìkápọ̀ wà nísàlẹ̀. Bí ó bá fọ́ níbi ìkápọ̀, ó ti gbẹ jù, tàbí olú ti pọ̀ jù.

Aláboyún, ọmọ kékeré, àgbàlagbà àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò gbọ́dọ̀ jẹ èyí tí inú rẹ̀ ṣì ń ṣàn, nítorí kòkòrò Samonẹ́là lè wà nínú ẹyin. Tiwọn gbọ́dọ̀ dé 71 dígírì, kí ó dì látòkè délẹ̀. Bí a bá fi iná kékeré ṣe é, á ṣì rọ̀ dé ìwọ̀n kan.

Oúnjẹ yìí kò ṣeé gbé pamọ́ di ọ̀sán, kò sì ṣeé dín pọ̀ fún èrò. Bí ẹni mẹ́ta bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ dín in. Ẹ má da ẹyin mẹ́sàn-án sínú páànù kan.