Àbá fún Ọ̀gá: Kí Kọ̀ǹpútà Máa Kó Ìṣirò Ọ̀sẹ̀ Jọ

Ẹ jẹ́ ká wo ilé ìtajà kan l'Ékòó tó ń gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀nà mẹ́rin. Ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, akọ̀wé owó á ṣí pọ́tàlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì da iye tó wọlé kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 35, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20 ti lọ. Bó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ yìí ṣe, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọ̀gá. Ó dára kó sọ àkókò tí wọn yóò jèrè, àmọ́ ohun tó máa jẹ ọ̀gá lọ́kàn jù ni bí yóò ṣe mọ̀ tí ìṣirò bá ṣì. Ibẹ̀ ni kí àbá náà dojú kọ.

Àwọn pọ́tàlì kan ní ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà béèrè ìṣirò fúnra rẹ̀. Paystack ní irú rẹ̀. Ìbéèrè ọ̀sẹ̀ kan rèé:

```
GET https://api.paystack.co/transaction
  ?status=success
  &from=2025-03-02T23:00:00.000Z
  &to=2025-03-09T22:59:59.999Z
```

Aago tó wà níbẹ̀ fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lóru Ọjọ́ Ajé, March 3, fi ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 23:00 ọjọ́ tó ṣáájú. Kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń ka owó, nítorí náà ₦12,500 á jáde bíi 1250000. Bí a kò bá sì sọ iye tí a fẹ́, ìsanwó 50 péré ni wọ́n ń kó wá lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa béèrè ojú ìwé tó kàn títí yóò fi tán.

Kí àbá náà sọ ohun tí kò ní ṣe pẹ̀lú. Pọ́tàlì báńkì tó ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ ènìyàn ni kó wà. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí Paystack lè dá owó padà fún oníbàárà, nítorí náà kí ọ̀gá mọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Bí pọ́tàlì kan kò bá dáhùn, kí kọ̀ǹpútà fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kó sì ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Kò gbọ́dọ̀ kọ 0, torí 0 túmọ̀ sí pé a kò tà rárá.

Lẹ́yìn èyí, kó bẹ ọ̀gá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ọwọ́ àti kọ̀ǹpútà yóò jọ ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí iye wọn kò bá dọ́gba, kó wò ó lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló yàtọ̀, aago ló ṣì. Bí odindi ọjọ́ bá sọnù, ojú ìwé ni wọn kò kà tán. Ìgbà tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ₦0 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí i.