Bí Ìgbín Bá Fà, Ṣé Ìkarahun Ń Tẹ̀lé E Lóòótọ́?

Ní ọdún 2014, iléeṣẹ́ Vetiva gbé àpò ìdókòwò kan wá sí ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà l'Ékòó. Wọ́n sọ ọ́ ní Vetiva Griffin 30. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àpò náà wà fún: kí ó máa ṣe ohun tí àtọ́ka NGX 30, tí wọ́n ń pè ní NSE 30 nígbà náà, bá ṣe. Àtọ́ka yìí ló ń fi hàn bí ìpín ọgbọ̀n iléeṣẹ́ tó tóbi jù, tí wọ́n sì ń rà tí wọ́n ń tà dáadáa, ṣe ń gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀. Mánéjà irú àpò bẹ́ẹ̀ kì í wá iléeṣẹ́ tí yóò là lọ́la. Ìwọ̀n tí símẹ́ńtì Dangote bá gbà nínú àtọ́ka ni yóò gbà nínú àpò, bẹ́ẹ̀ náà ni ti MTN àti ti àwọn báǹkì. Ẹni tó bá ra ẹyọ kan ti ra díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e: ìlérí tí wọ́n ṣe fún olówó nìyẹn. Nọ́ńbà méjì ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń gbé jáde láti fi yẹ ìlérí náà wò. Èkíní ni tírákíìn ẹ́rọ̀, tí mo máa pè ní ìwọ̀n ìyẹsẹ̀ níbí. Èkejì ni infọméṣàn réṣíò. Méjèèjì máa ń wà nínú ìwé ìròyìn àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá. Fún àpò tó ń tẹ̀lé àtọ́ka, èkíní wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n èkejì lè mú kí èèyàn yin ẹni tó yẹ kó bá wí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ya àpò kúrò lára àtọ́ka. Ìṣirò orí ìwé ni àtọ́ka. Kì í san owó fún alágbàtà, kò ní mánéjà tí yóò gba owó oṣù, kò sì sígbà tí owó ń dùbúlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àpò ń ṣe gbogbo èyí. Owó tó dùbúlẹ̀ yẹn gan-an kì í ṣe nǹkan kékeré nígbà tí ọjà bá ń sáré. Ní oṣù January 2024, àtọ́ka gbogbo ọjà náà gòkè ju 35% lọ láàrin oṣù kan péré. Ká ní àpò kan tó ń tẹ̀lé e fi 2% owó rẹ̀ sí báǹkì ní oṣù náà, bóyá nítorí àwọn tó lè wá gba owó wọn padà, 2% yẹn kò bá wọn gòkè. Ó ti pàdánù nǹkan bí 0.7% lójú àtọ́ka kí ẹnikẹ́ni tó ṣe àṣìṣe kankan.

Lẹ́yìn èyí ni àtúntò. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní January àti July, ni wọ́n ń tún àtọ́ka NGX 30 tò: àwọn kan jáde, àwọn mìíràn wọlé. Lórí ìwé, ìṣẹ́jú kan ni. Ṣùgbọ́n mánéjà ní láti lọ sí ọjà lọ ta, kó sì lọ rà. Ọjà wa kì í sábà jẹ́ kí ìpín kan gòkè kọjá 10% lóòjọ́. Bí ìpín tó ń wá bá ti kan òrùlé yẹn, àwọn tó fẹ́ rà yóò tò, kò sì ní sí ẹni tó fẹ́ tà. Àtọ́ka ti ka èrè ọjọ́ náà, mánéjà ṣì wà lórí ìlà.

Báwo la ṣe wá ń wọn ìyẹsẹ̀ yìí? Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ ohun tí àtọ́ka ṣe kúrò nínú ohun tí àpò ṣe. Kí ẹ lo iye gidi ohun tó wà nínú àpò, kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta ẹyọ rẹ̀ lórí ọjà, nítorí ìwọra àwọn olùrà lè gbé iye orí ọjà jìnnà sí ohun tó wà nínú àpò, mánéjà kò sì ní ọwọ́ nínú ìyẹn. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyọkúrò ni àlàfo oṣù náà. Ẹ má ṣe rò pé bí àlàfo ṣe tóbi tó ni ìwọ̀n ìyẹsẹ̀ ń sọ. Bí àlàfo ṣe ń yí padà láti oṣù dé oṣù ló ń sọ.

Mo fẹ́ kí a fi àpò méjì tí mo fúnra mi gbé kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ ṣe é. Àpò Kìíní ń pẹ́ lẹ́yìn lóṣooṣù, ó sì ń ṣe é lọ́nà kan náà: oṣù kan 0.08%, oṣù kejì 0.12%, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bá a lọ fún oṣù mẹ́fà. Àpò Kejì ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́: oṣù kan ó fi 0.40% ṣíwájú àtọ́ka, oṣù kejì ó fi 0.60% pẹ́ lẹ́yìn, ó tún ṣíwájú, ó tún pẹ́. Ẹ ṣírò àárín àlàfo àwọn méjèèjì, 0.10% lẹ́yìn lóṣù ni ẹ máa rí, ìyẹn nǹkan bí 1.2% lọ́dún. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì gbà lápò oníbàárà.

Ìwọ̀n ìyẹsẹ̀ ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú Àpò Kejì, àlàfo oṣù kọ̀ọ̀kan fi 0.50 jìnnà sí àárín. Ẹ fi 0.50 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó di 0.25. Oṣù mẹ́fà jẹ́ 1.50. Ẹ fi márùn-ún pín in, ìyẹn iye oṣù dín ẹyọ kan, ó ku 0.30. Nọ́ńbà tí a lè fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó tó jẹ́ 0.30 jẹ́ nǹkan bí 0.55. Ìwọ̀n ìyẹsẹ̀ oṣù kan nìyẹn. Láti sọ ọ́ di ti ọdún, a kì í fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí ìyẹsẹ̀ síwájú àti ti ẹ̀yìn máa ń pa ara wọn rẹ́ díẹ̀ láàrin ọdún. Nǹkan bí 3.46 la ń lò, nítorí òun ló ń fi ara rẹ̀ di púpọ̀ tó fi ń jẹ́ 12. Èsì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.9% lọ́dún. Ẹ ṣe bákan náà fún Àpò Kìíní, kò ju nǹkan bí 0.08% lọ. Fún àpò tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tẹ̀lé, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn: ẹni tó ní owó nínú Àpò Kìíní mọ ohun tí yóò bá nílé. Owó ìṣàkóso ló sábà ń fa àlàfo tó dúró lójú kan báyìí. Èyí tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ túmọ̀ sí pé ohun tó wà nínú àpò kò bá ohun tó wà nínú àtọ́ka mu.

Ibi tí infọméṣàn réṣíò ti ń dani láàmú la dé yìí. Ẹ mú àlàfo ọdún, ẹ fi ìwọ̀n ìyẹsẹ̀ pín in, réṣíò náà nìyẹn. Àwọn mánéjà tó ń ṣa ìpín fúnra wọn láti borí àtọ́ka ni wọ́n ṣe é fún. Ó ń béèrè pé, fún gbogbo ìyẹsẹ̀ tó o yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, èrè mélòó lo rí mú bọ̀? Ìbéèrè tó dára ni fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ yà. Àpò tó ń tẹ̀lé àtọ́ka kò mọ̀ọ́mọ̀ yà, lẹ́yìn tó bá sì ti san owó ìṣàkóso, àlàfo rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ òdì. Fún Àpò Kejì, òdì 1.2 tí a fi 1.9 pín jẹ́ òdì 0.63. Fún Àpò Kìíní, òdì 1.2 tí a fi 0.08 pín, láì gé ẹ̀yìn nọ́ńbà náà kúrú, jẹ́ nǹkan bí òdì 16. Bí ẹnikẹ́ni bá wá tò wọ́n láti orí èyí tó ga jù, Àpò Kejì ló máa wà lókè, àpò tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́! Owó kan náà ni wọ́n jọ pàdánù, ṣùgbọ́n èyí tó túbọ̀ ṣe ségesège ló gba ẹ̀yẹ. Nígbà tí èrè bá ti jẹ́ òdì, bí ìyẹsẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni réṣíò yóò máa dára sí i. Mo ti rí tábìlì tí wọ́n tò báyìí, tí kò sí àlàyé kankan lábẹ́ rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, òun ló sì léwu jù níbí, torí pé ó ń fani mọ́ra. Àtọ́ka NGX 30 tí à ń rí lójoojúmọ́, iye ìpín nìkan ló ń kà, kò ka dífídẹ́ńdì mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni S&P 500 ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń kà lórí rédíò, nígbà tí DAX ti Jámánì ń ka dífídẹ́ńdì mọ́ tirẹ̀. Àpò ní tirẹ̀ ń gba dífídẹ́ńdì ní ti gidi, lẹ́yìn tí ìjọba bá ti yọ owó orí 10%. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ilẹ̀ wa ló sì ń san ti ìparí ọdún láàrin oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún.

Ẹ wá wo àpò àpẹẹrẹ kẹta. Oṣù mẹ́wàá nínú ọdún, ó fi 0.10% pẹ́ lẹ́yìn. Ní April àti May, dífídẹ́ńdì wọlé, ó fi 2% ṣíwájú lóṣù kọ̀ọ̀kan. Àlàfo ọdún jẹ́ 3% síwájú, ìwọ̀n ìyẹsẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2.8%, réṣíò sì jẹ́ nǹkan bí 1.06. Grinold àti Kahn, tí ìwé wọn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí ń kà, sọ pé réṣíò 0.5 dára, pé 1.0 sì ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ṣé mánéjà wa ti di ọ̀gá àwọn ọ̀gá nìyẹn? Rárá. Ẹ fi àtọ́ka tó ka dífídẹ́ńdì lẹ́yìn owó orí rọ́pò ti àkọ́kọ́, kí ẹ tún un ṣe. Àlàfo lè wá di 0.10% lẹ́yìn ní gbogbo oṣù méjèèjìlá, ìwọ̀n ìyẹsẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo, gbogbo ọgbọ́n tí réṣíò ń yìn á sì pòórá. Àmì tí ẹ máa fi dá a mọ̀ rọrùn: tí ẹ bá to àlàfo oṣooṣù sílẹ̀, ẹ máa rí i pé ìgbà ìsandífídẹ́ńdì ni gbogbo èrè náà wà, ọdún tó tẹ̀ lé e náà yóò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ká tiẹ̀ ní wọ́n lo àtọ́ka tó yẹ, tí réṣíò sì jẹ́ nọ́ńbà tó dára, ọ̀rọ̀ àkókò ṣì wà níbẹ̀. Oríire lè gbé mánéjà ga fún ọdún méjì sí mẹ́ta. Àwọn oníṣirò ní ọ̀nà kan láti yẹ èyí wò: wọ́n á wá nọ́ńbà tí wọ́n lè fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí yóò fi jẹ́ iye ọdún tí àpò ti lò, wọ́n á fi réṣíò sọ ọ́ di púpọ̀. Bí èsì kò bá tó 2, wọn kì í fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe oríire. Réṣíò 1.0 nílò ọdún mẹ́rin. Réṣíò 0.5, tí wọ́n ń pè ní dídára, nílò ọdún mẹ́rìndínlógún, Vetiva Griffin 30 fúnra rẹ̀ kò sì tíì pé bẹ́ẹ̀ kí ó tó di 2030. Ìwọ̀n ìyẹsẹ̀ kò béèrè irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Àlàfo oṣù mẹ́rìnlélógún tí a tò sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ti tó láti mọ̀ bóyá mánéjà ń tẹ̀lé àtọ́ka, àti láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù tí kò tẹ̀lé e.