Ìfiránṣẹ́ Kan, Ta Ló Ni Ín?

Bí oníbàárà bá tẹ bọ́tìnnì "Sanwó" nínú áàpù tó ń ta bàtà, iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì yẹn pọ̀ ju bó ṣe rí lójú lọ. Owó ní láti wọlé, bàtà kan ní láti dín kúrò nínú iye tó wà nílé ìkẹ́rùsí, rìsíìtì ní láti lọ sínú ímeèlì oníbàárà, ẹni tó ń gbé ọjà lọ sílé rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ irú áàpù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń so gbogbo rẹ̀ mọ́ra wọn: bí èyí bá parí, kí tọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Kò níyọnu, àfi lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn fi ímeèlì ránṣẹ́ bá ń falẹ̀. Owó ti wọlé, síbẹ̀ òrùka kékeré kan ṣì ń yí bírí lójú fóònù oníbàárà, torí pé rìsíìtì kò tíì lọ. Kí ni yóò ṣe? Yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ohun tó dáa ni kí apá tó ń gbowó kọ ìfiránṣẹ́ kékeré kan, bíi "a ti sanwó ọjà nọ́ńbà 1047", kó fi í sílẹ̀ síbì kan, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn apá yòókù á gbé e níbẹ̀ nígbà tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀. Oríṣi méjì ni ibi tí wọ́n ń fi í sí yìí: kíú àti tọ́píìkì. Lójú ẹni tó ń fi ìfiránṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbé e ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Nínú kíú, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba ìfiránṣẹ́ kan. Bí ẹ bá gbé ẹ̀dà mẹ́rin ètò tó ń fi rìsíìtì ránṣẹ́ ti kíú kan, ṣe ni wọ́n á pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn. Ẹ jẹ́ ká wo SQS, kíú tí Amazon ń fi háyà fáwọn tó ń kọ áàpù. Bí òṣìṣẹ́ kan bá gbé ìfiránṣẹ́ níbẹ̀, SQS kì í pa á rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ńṣe ló máa ń fi í pamọ́ fáwọn yòókù fún ìṣẹ́jú àáyá 30, bí ẹ kò bá yí i padà. Òṣìṣẹ́ yẹn ló máa sọ pé kí wọ́n pa á rẹ́ nígbà tó bá ṣe tán. Bí iná bá kú mọ́ ọn lórí láàárín iṣẹ́, ìfiránṣẹ́ náà á tún yọjú, ẹlòmíràn á sì gbé e. Iṣẹ́ kò sọnù.

Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà bá gba ìṣẹ́jú àáyá 40 ńkọ́? Àkọ́kọ́ kò tíì parí tí èkejì á ti gbé e, rìsíìtì méjì á sì wọ ímeèlì ẹnì kan. Ẹ lè fi kún àkókò yẹn, ó lè tó wákàtí 12, àmọ́ kò tíì tán síbẹ̀, torí pé SQS lásán kò ṣèlérí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun á gbé nǹkan wá. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa kọ nọ́ńbà ọjà tó ti ṣe sílẹ̀, kó wò ó kó tó ṣe òmíràn. Ẹni tí kò bá ṣe èyí kò tíì kọ́ kíú parí.

Àṣìṣe tí mo rí pé ó wọ́pọ̀ jù rèé. Kíú rìsíìtì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n wá ní kí apá tó ń ka bàtà tó kù náà máa gbé ìfiránṣẹ́ nínú kíú yẹn kan náà, ṣebí ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì fẹ́ gbọ́. Nígbà tí ọjà 100 bá fi wọlé, àwọn kan gba rìsíìtì, a kò yọ bàtà wọn kúrò nínú ìṣirò. A yọ bàtà àwọn yòókù, wọn kò rí rìsíìtì. Kò sí ibì kan tí àṣìṣe hàn sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ sáfà, torí pé apá kọ̀ọ̀kan ṣe gbogbo ohun tó dé ọwọ́ rẹ̀ láìkù síbì kan. Ìṣirò ló máa tú u fó: ẹ ka rìsíìtì tó jáde, ẹ bá 53, ẹ ka bàtà tí a yọ, ẹ bá 47. Bí iye méjèèjì bá papọ̀ di 100 géérégé, ẹ ti rí olè.

Tọ́píìkì ló yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni apá tó ń gbowó á ti kéde, gbogbo ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ á sì gba ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹni tó ń kéde kò mọ ẹni tó ń gbọ́, kò sì nílò láti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ fi apá tó ń ṣọ́ àwọn oníjìbìtì kún un lóṣù tó ń bọ̀, ẹ kò ní fọwọ́ kan lẹ́tà kan nínú ètò tó ń gbowó.

Tọ́píìkì náà ní tirẹ̀. Oríṣi tó wà nínú Redis ń ṣe bí akéde ìlú: ẹni tó bá lọ oko nígbà tí agogo lù, ó ti pàdánù ìkéde yẹn. Bí apá ìkẹ́rùsí bá dá dúró fún ìṣẹ́jú méjì péré, ohun tó kọjá ti kọjá, kò sí ibi tí ẹ ó ti wá a. Yàtọ̀ síyẹn, bí ẹ̀dà mẹ́rin ètò rìsíìtì bá forúkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, rìsíìtì mẹ́rin ni oníbàárà máa gbà.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí fi ń lo méjèèjì pọ̀. Tọ́píìkì á wà níwájú, apá kọ̀ọ̀kan á sì ní kíú tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. SNS ni Amazon ń pe tọ́píìkì tiwọn, ẹ sì lè so kíú rìsíìtì mọ́ ọn báyìí:

```
aws sns subscribe \
  --topic-arn arn:aws:sns:eu-west-1:123456789012:owo-wole \
  --protocol sqs \
  --notification-endpoint arn:aws:sqs:eu-west-1:123456789012:risiiti
```

Ẹ tún un ṣe fún kíú ìkẹ́rùsí àti ti agbẹ́rù. Ní báyìí, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan dé apá kọ̀ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ inú apá kan sì ń pín tiwọn. Bí apá kan bá sùn, ẹ̀dà tirẹ̀ á dúró dè é nínú kíú fún ọjọ́ mẹ́rin, tàbí títí dé ọjọ́ 14 bí ẹ bá fẹ́. Ibi tó ti ń jọ èèyàn lójú ni pé àṣẹ òkè yìí lè kọjá láìsí wàhálà, kí ohunkóhun má sì wọ kíú. Kíú fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tó gbà kí tọ́píìkì yẹn fi nǹkan sínú rẹ̀. Bí kò bá sí, ìfiránṣẹ́ kò ní wọlé, apá tó ń kéde kò sì ní mọ̀.

Kafka, tí LinkedIn kọ́, tí wọ́n sì fi lé gbogbo ayé lọ́wọ́ ní 2011, gba ọ̀nà mìíràn yọ. Àwọn tó ní `group.id` kan náà á pín ìfiránṣẹ́ bíi kíú. Àwọn tí tiwọn yàtọ̀ á gba gbogbo rẹ̀ bíi tọ́píìkì. Ó lágbára, àmọ́ fún ilé-ìtajà kékeré, ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ lójú tèmi.

Ó ku ìfiránṣẹ́ tó máa ń gbé òṣìṣẹ́ ṣubú, bíi ọjà tí àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ á gbé e, á ṣubú, ìfiránṣẹ́ á padà sínú kíú, ẹlòmíràn á tún ṣubú. Ẹ fi `maxReceiveCount` sí 5, kí ó lè lọ sínú kíú àwọn aláìṣeéṣe lẹ́yìn ìgbà karùn-ún. Kẹ́ ẹ sì máa ṣọ́ ọjọ́ orí ìfiránṣẹ́ tó pẹ́ jù nínú kíú kọ̀ọ̀kan, èyí tí SQS ń pè ní `ApproximateAgeOfOldestMessage`, ju iye tó tò síbẹ̀ lọ. Ẹgbẹ̀rún kan tó ń rìn kò burú. Ẹyọ kan tó ti jókòó láti àná ni kí ẹ lọ wò.