Bátìrì Kan, Ọdún Kan: Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Ilẹ̀kùn Lójú Oorun

Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan, èyí tí wọ́n ń gbé ọjà gbà wọlé. Bó bá pọ̀ tán, wọn a ṣí i nígbà 10 lóòjọ́, wọn a sì tún tì í nígbà 10. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù fẹ́ kí fóònù òun dún nígbàkigbà tí ilẹ̀kùn náà bá mira. Ẹ̀rọ tó ń fi Wáífáì ránṣẹ́ nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3 fún iṣẹ́ kan, nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 1 lọ. Ìyókù ọjọ́, kò ní nǹkan kan í ṣe. Àsìkò tí kò ṣe nǹkan kan yìí gan-an ló máa ń jẹ bátìrì tán.

Ẹ̀rọ tí a ń sọ yìí ní ESP32 nínú, tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, àti súìsì kékeré kan tó jẹ́ ahọ́n irin méjì nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n lẹ òòfà mọ́ ara ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn bá tì, òòfà á fa ahọ́n méjèèjì pọ̀, iná á sì kọjá. Bí wọ́n bá ṣí i, wọ́n á tú ká. Bátìrì rẹ̀ ni èyí tí wọ́n kọ LiFePO4 sí lára, tó ní mílíáńpù-wákàtí 1,500.

Bí ESP32 bá wà lójúfò pẹ̀lú Wáífáì, ó ń mu tó mílíáńpù 100, bátìrì yẹn kò sì ní ju wákàtí 15 lọ. Bí a bá ní kó sùn wọra, ọpọlọ àti Wáífáì á kú pátápátá, apá kékeré kan ṣoṣo ni yóò máa ṣọ́ ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀, bíi mẹ́gádì tó sùn ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ wà lẹ́nu géètì. Nǹkan bí máíkírò-áńpù 10 ló ń mu nígbà náà, ìyẹn ìdá kan nínú 10,000. Kì í jí wò bóyá ilẹ̀kùn ti ṣí. Súìsì ló ń jí i.

Ìṣírò rẹ̀ rèé. Oorun odindi ọjọ́ kan jẹ́ mílíáńpù-wákàtí 0.24. Iṣẹ́ ogún ìgbà, ní 0.1 lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 2. Ohun tí ọdún kan gbà wá láyè láti ná lóòjọ́ jẹ́ 4.1, nítorí náà àyè ṣì wà. Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí fi ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì?

Ẹ wo bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà fún ìdánwò, èyí tó ní ojú USB. Régúlétọ̀ tó sábà máa ń wà lórí rẹ̀, AMS1117, ń mu nǹkan bíi mílíáńpù 5 fúnra rẹ̀, yálà ESP32 sùn tàbí kò sùn. Ìyẹn jẹ́ 120 lóòjọ́, iná pupa orí bọ́ọ̀dù kò tíì sí níbẹ̀. Ìdí tí mo fi yan LiFePO4 nìyẹn: fóòtì 3.2 rẹ̀ bá ESP32 lára mu láìsí régúlétọ̀. Ẹ ra ESP32 lásán, láìsí bọ́ọ̀dù.

Súìsì náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ilẹ̀kùn máa ń wà ní títì lọ́pọ̀ ìgbà, tó túmọ̀ sí pé iná ń kọjá nínú ahọ́n irin yẹn tọ̀sán-tòru. Rẹ́sístọ̀ tó wà nínú ESP32, nǹkan bí óómù 45,000, á jẹ́ kí máíkírò-áńpù 71 máa jò, ìlọ́po méje ohun tí oorun ń jẹ. Ẹ pa á tì, kí ẹ fi ti mílíọ̀nù óómù kan sí ìta. 3 péré ni yóò máa jò.

Ìṣòro míì wà nínú ètò. Bí a bá ní kí ẹ̀rọ jí "nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí", tí wọ́n wá ṣí i sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, yóò jí, yóò ránṣẹ́, yóò sùn, yóò tún jí lójú ẹsẹ̀. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nígbà tí fóònù bá ń dún láìdáwọ́ dúró. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kó wo ipò ilẹ̀kùn kó tó sùn, kó sì dúró de òdìkejì rẹ̀:

```
rtc_gpio_deinit(GPIO_NUM_33);
pinMode(33, INPUT);
int ipo = digitalRead(33);
esp_sleep_enable_ext0_wakeup(GPIO_NUM_33, !ipo);
esp_deep_sleep_start();
```

Èyí tó kàn wá jù nílẹ̀ yìí ni tí NEPA bá mú iná lọ. Rútà á kú, ẹ̀rọ á jí, á máa wá Wáífáì tí kò sí. Bó bá fi ìdajì ìṣẹ́jú wá a, mílíáńpù-wákàtí 1 ti lọ, ìlọ́po mẹ́wàá iye tó yẹ. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nígbà 20 lóòjọ́, bátìrì kò ní pé oṣù mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 5 péré. Bí kò bá rí rútà, kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìrántí tí oorun kì í pa, èyí tí wọ́n ń fi `RTC_DATA_ATTR` sàmì sí, kó sùn, kó sì gbìyànjú lẹ́yìn wákàtí kan tàbí nígbà tí ilẹ̀kùn bá tún mira.